Ṣíṣírò rírì páàdì lórí amọ̀: ẹ má ṣe ka rírì kan náà lẹ́ẹ̀mejì

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣírò ìpìlẹ̀: "Mo ti ṣírò rírì ojú-ẹsẹ̀. Mo sì ti ṣírò rírì tí ìdánwò òdómítà fi hàn. Ṣé kí n kàn rò méjèèjì pọ̀ ni?"

Rárá, ẹ má tíì rò ó pọ̀. Òdómítà ni ẹ̀rọ láàbù tí wọ́n ń há amọ̀ mọ́ inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń gbé ẹrù lé e ní ìpele-ìpele. Àtúnṣe kan wà tí iye òdómítà gbọ́dọ̀ gbà kó tó jókòó ti èkejì. Bí amọ̀ yín bá le, tí ẹ sì fo àtúnṣe yẹn, ẹ ti ka apá kan rírì náà lẹ́ẹ̀mejì. Kọnkéré àti irin tí kò yẹ kẹ́ ẹ rà lẹ ó fi san án.

Páàdì kan ṣoṣo, ìyẹn ìpìlẹ̀ kọnkéré abẹ́ òpó kan, la ó gbé yẹ̀ wò níbí, láti orí ẹrù òpó títí dé ọdún tí rírì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹ mú bírò àti kalikulétọ̀, kẹ́ ẹ máa bá mi ṣe é bí a ṣe ń lọ.

## Ohun méjì tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ páàdì

Nígbà tí ẹrù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí amọ̀ tí omi kún inú rẹ̀, omi náà kò rọ́nà jáde, torí pé ihò inú amọ̀ kéré jọjọ. Bí omi kò bá jáde, amọ̀ kò lè dín kù. Ohun tó lè ṣe ni kó yí ìrísí padà: yóò rẹlẹ̀ lábẹ́ páàdì, yóò sì wú sí ẹ̀gbẹ́, bí ìgbà tí amọ̀kòkò bá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ amọ̀ tútù. Èyí ni rírì ojú-ẹsẹ̀. Bí ẹrù ṣe ń gorí páàdì ló ṣe ń wáyé. Bí ẹrù bá dúró, òun náà dúró.

Lẹ́yìn náà ni omi tí ẹrù fún mọ́ inú amọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà jáde, ní oṣù dé oṣù, ọdún dé ọdún. Bí omi ṣe ń lọ ni amọ̀ ń sún kì. Èyí ni rírì ìfúnpọ̀, tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní kọnsolidéṣọ̀n. Òun ló máa ń bá ògiri tí wọ́n ti rẹ́, táìlì tí wọ́n ti lẹ̀ àti gíláàsì tí wọ́n ti fi sí fèrèsé. Nítorí náà ni a fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Mìlímítà 9 tó ti parí kí wọ́n tó rẹ́ ògiri kò ṣe ilé ní ohun tí mìlímítà 9 tó dé lẹ́yìn ìrẹ́ ń ṣe é.

## Kó wà lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ẹrù òpó: èyí tó wà títí, àti èyí tó ń wá tó ń lọ, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀
- Ìwé ihò àyẹ̀wò ilẹ̀ tó gùn wọ inú ilẹ̀ tó ìlọ́po méjì fífẹ̀ páàdì, ó kéré tán, lábẹ́ ìsàlẹ̀ páàdì
- Agbára amọ̀ kí omi tó jáde (`cu`) àti líle rẹ̀ kí omi tó jáde (`Eu`)
- Ìwé òdómítà pẹ̀lú gbogbo ìpele ẹrù rẹ̀. Àkópọ̀ nìkan kò tó
- Ibi tí ojú omi abẹ́ ilẹ̀ wà, àti ohun tó wà lábẹ́ amọ̀: òkúta wẹ́wẹ́, iyanrìn àbí àpáta

Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé láti béèrè. Ẹ ó rí i nígbà tí a bá dé orí àkókò pé òun ló ń pinnu bóyá ọdún méjì ààbọ̀ ni rírì yín máa gbà àbí ọdún mẹ́wàá.

## Páàdì wa

Páàdì náà fẹ̀ ní mítà 2, ó gùn ní mítà 2, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì wà ní mítà 1 sínú ilẹ̀. Amọ̀ tó le díẹ̀, tí ẹrù tó ju ti òní lọ ti tẹ̀ rí, ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mítà 5 ni amọ̀ náà nípọn kó tó kan òkúta wẹ́wẹ́. Ojú omi abẹ́ ilẹ̀ bá ìsàlẹ̀ páàdì dọ́gba. Gbogbo ẹrù tó dé ìsàlẹ̀ páàdì, tí a ti ka páàdì fúnra rẹ̀ àti ilẹ̀ orí rẹ̀ mọ́ ọn, jẹ́ kilonútọ̀nù 472.

```
B = L = 2.0 m    D = 1.0 m    H = 5.0 m
γ  = 18 kN/m³
cu = 60 kPa      Eu = 12 MPa
mv = 0.15 m²/MN  A  = 0.4
cv = 2 m²/ọdún
```

## Ìgbésẹ̀ 1: Wá ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tó jẹ́ àlékún

Amọ̀ kò mọ gbogbo ẹrù yẹn gẹ́gẹ́ bí ohun tuntun. Kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ihò páàdì, mítà 1 ilẹ̀ ti ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ohun tí a ń wá ni iye tí a fi kún un.

```
q gbogbo = 472 / (2 × 2)  = 118 kPa
q àlékún = 118 − (18 × 1) = 100 kPa
```

Ẹni tó bá fi 118 ṣírò ti fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún bù kún rírì rẹ̀ láìnídìí.

Ẹ kíyè sí ẹrù tó ń wá tó ń lọ. Fún rírì ojú-ẹsẹ̀, ẹ ka gbogbo rẹ̀, torí amọ̀ máa ń dáhùn lójú ẹsẹ̀. Fún rírì ìfúnpọ̀, ẹ ka èyí tó máa pẹ́ lórí ilé nìkan, nítorí ẹrù tó wá fún ọjọ́ kan kò ní lè lé omi jáde nínú amọ̀ tó ń gba ọdún. Nínú àpẹẹrẹ wa, mo ka gbogbo ẹrù sí èyí tó wà títí, kí ìṣirò má baà pín sí méjì.

## Ìgbésẹ̀ 2: Rí i dájú pé amọ̀ lè gbé e

Ìṣirò rírì tí a fẹ́ ṣe gbà pé amọ̀ ṣì jìnnà sí ibi tó ti máa ya. Ẹ fi ìlànà Skempton ti ọdún 1951 yẹ̀ ẹ́ wò:

```
Nc = 5 (1 + 0.2 D/B)(1 + 0.2 B/L)
   = 5 × 1.1 × 1.2 = 6.6
Nc × cu = 6.6 × 60 = 396 kPa
396 / 100 ≈ 4
```

Ìlọ́po ààbò 4 dára. Bí tiyín bá wá sílẹ̀ ju 3 lọ, ẹ dúró. Etí páàdì á ti máa tẹ amọ̀ kọjá ohun tó lè gbà níbì kan, rírì ojú-ẹsẹ̀ á sì ju iye tí Ìgbésẹ̀ 3 máa fún yín lọ. Ẹ mú páàdì tóbi kẹ́ ẹ tó tẹ̀ síwájú.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ṣírò rírì ojú-ẹsẹ̀

```
si = μ0 × μ1 × q × B / Eu
```

`μ1` ń bá ìrísí páàdì àti bí amọ̀ ṣe nípọn tó lọ. Nínú àwòrán Christian àti Carrier ti ọdún 1978, páàdì onígun mẹ́rin dọ́gbadọ́gba ní 0.53 nígbà tí `H/B` bá jẹ́ 2, ó sì ní 0.63 nígbà tó bá jẹ́ 4. Tiwa jẹ́ 2.5, nítorí náà mo mú 0.56. `μ0` ń bá jíjìn páàdì sínú ilẹ̀ lọ. Díẹ̀ ló máa dín rírì páàdì tí kò jìn bí èyí kù, mo sì fi í sílẹ̀ ní 1.

```
si = 1 × 0.56 × 100 × 2 / 12 000
   = 0.0093 m ≈ 9 mm
```

Iye tí agbekalẹ̀ yìí ń fún yín jẹ́ ìpíndọ́gba abẹ́ páàdì. Kì í ṣe ti àárín rẹ̀ nìkan, a ó sì tún padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Nínú gbogbo nọ́ńbà inú ìṣirò yìí, `Eu` ni mo fọkàn tán kéré jù. Amọ̀ tí wọ́n fà jáde nínú ihò, tí wọ́n gbé nínú ọkọ̀, tí wọ́n gé ní láàbù, ti rọ̀ ju bó ṣe wà nínú ilẹ̀ lọ, nítorí náà `Eu` láàbù máa ń kéré ju òtítọ́ lọ. Ní tèmi, ìlọ́po 200 `cu` ni mo mú níbí. Ẹ tún ìṣirò náà ṣe pẹ̀lú iye méjì mìíràn kẹ́ ẹ tó kọ ìdáhùn sílẹ̀: bí `Eu` bá jẹ́ 8, rírì di mìlímítà 14, bó bá jẹ́ 18, ó di 6. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó máa ka ìwé yín rí ààlà méjèèjì.

## Ìgbésẹ̀ 4: Pín amọ̀ sí ìpele, wá ìtẹ̀mọ́lẹ̀ àárín ìpele kọ̀ọ̀kan

Bí a ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni ẹrù ń tàn káàkiri tó sì ń fúyẹ́. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni ká gbà pé ó ń fẹ̀ sí i ní mítà 1 fún gbogbo mítà 1 tí a bá sọ̀ kalẹ̀:

```
Δσ = q × B² / (B + z)²
```

Mo pín mítà 5 náà sí ìpele márùn-ún tó nípọn ní mítà 1 ìkọ̀ọ̀kan. `z` jẹ́ jíjìn láti ìsàlẹ̀ páàdì dé àárín ìpele.

| Ìpele | z (m) | Δσ (kPa) |
|---|---|---|
| 1 | 0.5 | 64.0 |
| 2 | 1.5 | 32.7 |
| 3 | 2.5 | 19.8 |
| 4 | 3.5 | 13.2 |
| 5 | 4.5 | 9.5 |
| Àpapọ̀ | | 139.2 |

Ẹ wo bó ṣe ń já wálẹ̀. Ìpele méjì òkè nìkan kó nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi dára ká mú mítà 5 náà bí ìpele kan, ká sì wọn àárín rẹ̀ nìkan. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ á mú 19.8, á sọ ọ́ di ìlọ́po 5, á sì rí 99 dípò 139. Rírì rẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá kéré ju bó ṣe yẹ, ìṣirò rẹ̀ kò sì ní fi àṣìṣe kankan hàn.

Bí ẹ bá fẹ́ràn tábìlì Boussinesq fún ìtànkálẹ̀ ẹrù yìí, ẹ lè lò ó. Ṣùgbọ́n abẹ́ àárín páàdì ni iye rẹ̀ ti máa ń wá, ó sì ga ju ti òkè yìí lọ. Ní ìpele 1, ẹ ó rí 93 dípò 64. Àpapọ̀ á sún mọ́ 188. Páàdì kọnkéré kì í tẹ̀ kòròkòrò ní àárín, gbogbo rẹ̀ ló ń rì pọ̀, nítorí náà a máa ń fi 0.8 dín iye àárín kù: 188 di 150. Ìyàtọ̀ sí 139 kò pọ̀. Ohun tó burú ni kí ẹni tó lo ọ̀nà ìtànkálẹ̀ tí mo lò tún fi 0.8 dín in. Iye rẹ̀ ti jẹ́ ìpíndọ́gba tẹ́lẹ̀, ó ti dín ohun tó ti dín kù.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ka `mv` níbi tó tọ́, kẹ́ ẹ sì ṣírò iye òdómítà

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti rọra ṣe. `mv` ń sọ bí amọ̀ ṣe ń sún kì tó fún ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tí a bá fi kún un. Ìwé láàbù máa ń kọ ọ́ fún ìpele ẹrù kọ̀ọ̀kan: láti 50 sí 100, láti 100 sí 200 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan máa ń mú ti 100 sí 200 lọ́wọ́ kan, wọ́n á sì lò ó fún gbogbo ìpele. Amọ̀ yín kò mọ̀ nípa 100 sí 200. Ohun tó mọ̀ ni ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ lónìí, àti èyí tó máa wà lórí rẹ̀ lẹ́yìn páàdì.

Ẹ jẹ́ ká mú ìpele 2. Àárín rẹ̀ wà ní mítà 1.5 lábẹ́ páàdì, nísàlẹ̀ ojú omi, nítorí náà a yọ ìwúwo omi, 9.8, kúrò nínú ti ilẹ̀.

```
σ′0     = 18 × 1 + 1.5 × (18 − 9.8) = 30.3 kPa
σ′0 + Δσ = 30.3 + 32.7              = 63 kPa
```

Nítorí náà, láàárín 30 sí 63 la gbọ́dọ̀ ti ka òdómítà. Ká ní orí ìlà òdómítà, ìwọ̀n ihò amọ̀ jẹ́ 0.7450 ní 30, ó sì di 0.7364 ní 63:

```
mv = (0.7450 − 0.7364) / (1.7450 × 0.0327)
   = 0.15 m²/MN
```

Ẹ ṣe bákan náà fún ìpele yòókù. Mo fi 0.15 sí gbogbo wọn kí àpẹẹrẹ wa má baà gùn, àmọ́ nínú iṣẹ́ gidi, `mv` máa ń kéré sí i bí ẹ ṣe ń lọ sísàlẹ̀.

Ẹ tún wo ibi tí ìlà òdómítà ti tẹ̀ kọrọ́, ibi tí amọ̀ ti kọjá ẹrù tó ga jù tó ti gbé rí. Bí `σ′0 + Δσ` bá ré ibẹ̀ kọjá, amọ̀ á sún kì lọ́nà tó yára jù ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹ ó ní láti pín ìpele náà sí apá méjì: ṣáájú kọrọ́ àti lẹ́yìn kọrọ́.

```
s_oed = 0.15 × 10⁻³ × 139.2 × 1 m
      = 0.0209 m ≈ 21 mm
```

## Ìgbésẹ̀ 6: Àtúnṣe tí gbogbo ènìyàn ń fò

Ẹ fojú inú wo amọ̀ nínú òdómítà. Wọ́n fi òrùka irin há a mọ́. Kò lè wú sí ẹ̀gbẹ́ rárá. Nígbà tí wọ́n bá gbé ẹrù lé e, omi inú rẹ̀ ló gbé gbogbo ẹrù náà ní ìbẹ̀rẹ̀, omi yẹn ló sì gbọ́dọ̀ jáde. Nítorí náà, kò sí rírì ojú-ẹsẹ̀ nínú òdómítà. Gbogbo rírì rẹ̀ jẹ́ ìfúnpọ̀.

Abẹ́ páàdì kò rí bẹ́ẹ̀. Amọ̀ ní àyè láti wú sí ẹ̀gbẹ́, ó sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà rírì ojú-ẹsẹ̀. Omi inú rẹ̀ kò gbé tó ti inú òrùka, pàápàá bí amọ̀ bá le. Omi tó máa jáde kéré, ìfúnpọ̀ náà sì kéré.

Skempton àti Bjerrum ló fún wa ní ọ̀nà àtúnṣe yìí lọ́dún 1957:

```
sc = μ × s_oed
μ  = A + α (1 − A)
```

`A` ń sọ bí omi inú amọ̀ ṣe ń dáhùn sí ẹrù. Ìdánwò tí wọ́n ti ń tẹ amọ̀ láti òkè àti láti ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n ń pè ní tiráyásíà, ló ń fún yín ní iye rẹ̀. `α` ń bá ìrísí àti nínípọn amọ̀ lọ. Fún ìpìlẹ̀ róbótó, tó sún mọ́ páàdì onígun mẹ́rin dọ́gbadọ́gba, `α` jẹ́ 0.30 nígbà tí `H/B` bá jẹ́ 2, ó sì jẹ́ 0.28 nígbà tó bá jẹ́ 4. Mo mú 0.30.

```
μ  = 0.4 + 0.30 × 0.6 = 0.58
sc = 0.58 × 20.9 ≈ 12 mm
```

Bí ẹ kò bá ní `A`, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí:

- Amọ̀ tó rọ̀, tí ẹrù tó ju ti òní lọ kò tẹ̀ rí: `μ` láti 0.7 sí 1.0
- Amọ̀ líle tí ẹrù ti tẹ̀ rí: 0.5 sí 0.7
- Amọ̀ tó le gan-an, tí ẹrù ńlá ti tẹ̀ rí: 0.2 sí 0.5

## Ìgbésẹ̀ 7: Wàyí o, ẹ rò ó pọ̀

```
s = si + sc = 9.3 + 12.1 ≈ 21 mm
```

Ẹ wo iye yìí dáadáa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá iye òdómítà tí a kò tíì tún ṣe dọ́gba. Kì í ṣe orí ire. Lórí amọ̀ líle, iye òdómítà sábà máa ń sún mọ́ gbogbo rírì, tí rírì ojú-ẹsẹ̀ á sì kó bí ìdajì rẹ̀. Ẹ lè fi èyí yẹ iṣẹ́ yín wò: bí amọ̀ yín bá le, tí `si + sc` sì ju iye òdómítà lọ fíìfíì, ẹ padà lọ wo `Eu` àti `μ`.

Ẹni tó bá rò ó pọ̀ láìṣe àtúnṣe yóò rí 9.3 + 20.9, ìyẹn mìlímítà 30. Mo ti rí ìwé ìṣirò tó ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Ààlà mìlímítà 25 ni wọ́n kọ fún iṣẹ́ náà, wọ́n sì rí 30. Wọ́n wá sọ gbogbo páàdì mítà 2 di mítà 2.5. Kọnkéré páàdì kọ̀ọ̀kan, tó nípọn ní ìdajì mítà, kúrò ní mítà kúbíkì 2, ó di 3 lé díẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé ìwé ilẹ̀ wọn dára, ìdánwò wọn pé. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fò.

Kí ló dé tí àwọn àgbà iṣẹ́ kan fi ń sọ pé ká kàn rò ó pọ̀? Lórí amọ̀ tó rọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọ́ṣẹ́. Níbẹ̀, rírì ojú-ẹsẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iye òdómítà, `μ` sì sún mọ́ 1. Bí wọ́n bá rò ó pọ̀ láìṣe àtúnṣe, wọn kò jìnnà sí òtítọ́. Àṣà yẹn ló bá wọn dé orí amọ̀ líle, ibi tí kò ti tọ́ mọ́.

## Ìgbésẹ̀ 8: Ìgbà wo ni rírì ìfúnpọ̀ máa wáyé?

```
t = T × d² / cv
T50 = 0.197    T90 = 0.848
```

`cv` ń sọ bí ìfúnpọ̀ ṣe ń yára tó. `T50` jẹ́ ti ìdajì rírì ìfúnpọ̀, `T90` sì jẹ́ ti ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀. `d` ni ọ̀nà tó jìn jù tí ẹ̀kán omi kan máa rìn kó tó bọ́. Òkúta wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ amọ̀ wa, omi sì lè gba òkè lọ yí páàdì ká. Ọ̀nà méjì ló ní, nítorí náà `d` jẹ́ ìdajì 5, ìyẹn 2.5.

```
t50 = 0.197 × 6.25 / 2 = 0.62 ọdún
t90 = 0.848 × 6.25 / 2 = 2.65 ọdún
```

Ìdajì mìlímítà 12 náà á dé láàárín oṣù méje ààbọ̀, bí 11 nínú rẹ̀ á sì ti dé kí ọdún mẹ́ta tó pé. Ẹ ka ọjọ́ láti àárín àkókò ìkọ́lé, torí pé ẹrù kò dé lọ́jọ́ kan.

Ká ní àpáta tí omi kò lè gbà kọjá ló wà níbi tí òkúta wẹ́wẹ́ wà, `d` á di 5, `t90` á sì di ọdún 10.6. Ìlọ́po mẹ́rin ni, tí a kò sì fọwọ́ kan `cv` rárá. Rírì gbogbo kò yí padà o, àkókò nìkan ló yí padà. Fún páàdì kékeré, omi tún máa ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde, èyí tí agbekalẹ̀ yìí kò kà. Nítorí náà, rírì gidi sábà máa ń yára ju bí ẹ ṣe ṣírò rẹ̀ lọ.

## Ṣé mìlímítà 21 pọ̀ jù?

Lórí amọ̀, iye tí Skempton àti MacDonald dábàá lọ́dún 1956 fún páàdì tó dá dúró jẹ́ mìlímítà 65. Àmọ́ ìyàtọ̀ láàárín òpó méjì ló ń la ògiri, kì í ṣe rírì gbogbo ilé pọ̀. Ìyàtọ̀ tó bá tó ìdá kan nínú 300 àlàfo òpó ni wọ́n rí i pé ó ń la ògiri àárín òpó. Ká ní òpó kejì jìnnà ní mítà 5, tí páàdì rẹ̀ sì rì ní mìlímítà 14. Ìyàtọ̀ jẹ́ 7, ìyẹn ìdá kan nínú 714. Kò sí ewu.

Ẹ lọ síwájú díẹ̀ pẹ̀lú ìyàsọ́tọ̀ tí ẹ ti ṣe. Ẹ ṣírò ìyàtọ̀ náà fún rírì ìfúnpọ̀ nìkan, torí òun ni ògiri máa rí.

Bó bá pọ̀ jù lóòótọ́:

1. Ẹ mú páàdì tóbi, ṣùgbọ́n ẹ má retí púpọ̀. Bí a bá sọ páàdì wa di mítà 2.5 pẹ̀lú ẹrù kan náà, rírì á kúrò ní 21, á di 16. Kọnkéré fi ju ìdajì lọ pọ̀ sí i, rírì fi ìdá mẹ́rin péré dín kù, nítorí páàdì tó fẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ jinlẹ̀ jù.
2. Ẹ gbé páàdì jinlẹ̀ sí i bí ìpele amọ̀ tó le jù bá wà nítòsí. Ìpele 1 àti 2 ló ń jẹ yín níyà jù. Bí ẹ bá kúrò lórí wọn, ẹ ti jèrè.
3. Ẹ sún ìrẹ́ ògiri àti lílẹ̀ táìlì síwájú díẹ̀. Oṣù méje ààbọ̀ mú ìdajì rírì ìfúnpọ̀ wa lọ.

## Àṣìṣe mìíràn tí mo máa ń bá pàdé

- Lílo líle amọ̀ lẹ́yìn tí omi ti jáde (`E′`) fún Ìgbésẹ̀ 3, kí wọ́n sì tún fi rírì ìfúnpọ̀ kún un. `E′` ti ka rírì méjèèjì pọ̀ tẹ́lẹ̀.
- Ṣíṣe ìṣirò yìí lórí ilẹ̀ tó kún fún ewé jíjẹrà. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì máa ń rì lẹ́yìn tí omi ti jáde tán, agbekalẹ̀ wa kò sì ka ìyẹn.
- Gbígbàgbé páàdì ẹ̀gbẹ́. Bí páàdì méjì bá sún mọ́ra, ẹrù ìkíní ń tẹ amọ̀ abẹ́ èkejì. Ẹ fi `Δσ` rẹ̀ kún ti ìpele kọ̀ọ̀kan.

## Bí ẹ ṣe máa mọ̀ lórí ilẹ̀

Ẹ kan ìṣó irin mọ́ ìdí òpó ní kété tí kọnkéré rẹ̀ bá ti gan, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀rọ lẹ́fẹ́lì kà á kí ẹrù tó gun orí rẹ̀. Àmì tí ẹ ó máa fi wé e gbọ́dọ̀ wà níbi tí kò ní rì, kó sì jìnnà sí ilé. Ẹ tún un kà lẹ́yìn kọnkéré àjà ilé kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà lóṣooṣù, lẹ́yìn náà ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Nínú ilé wa, ẹ retí nǹkan bí 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ nígbà tí ẹrù bá pé, 15 lẹ́yìn oṣù méje ààbọ̀, àti 20 kí ọdún mẹ́ta tó pé. Bí ìkà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹrù bá jẹ́ 5, `Eu` yín kéré jù nínú ìṣirò, ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Bí rírì bá ń rọra lọ sílẹ̀ tó sì ń falẹ̀ sí i bí oṣù ṣe ń pọ̀, ìfúnpọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá ti dúró, tí rírì sì ń yára sí i dípò kó falẹ̀, ẹ má kà á sí ìfúnpọ̀. Ẹ lọ wo páìpù omi tó ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàdì, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ń fa omi inú amọ̀, tàbí ihò tí ẹnì kan ń gbẹ́ ní ẹ̀yìn ògiri.